Owó tó tó san fún ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní: ṣé olótùú ni kí n san án fún, àbí ẹni tó ń ka púrúùfù?

Àdùkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti kọ ìwé ìtàn àròsọ kan parí. Èdè Yorùbá ni, ó sì tó nǹkan bí 60,000 ọ̀rọ̀. Kámpọ́ọ̀sì àti Ìdúmọ̀tà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láti 1971 títí di ìgbà tí wọ́n kó olú ìlú lọ sí Àbújá. Atẹ̀wé kan ní Ṣómólú ti sọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ kó jáde kí ọdún tó parí.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Mo bẹ ẹni méjì pé kí wọ́n bá mi wo ìwé náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun yóò ka púrúùfù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹnì kejì ní olótùú ni òun, pé iṣẹ́ òun yóò gbà ju oṣù kan lọ, owó tó dá lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí mo bi ẹni àkọ́kọ́ léèrè, ó ní iṣẹ́ kan náà ni, pé ẹnì kejì kàn fẹ́ jẹ mí lówó ni. Owó ẹnì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Fáìlì Word ni ìwé náà ṣì wà, n kò tíì fún ẹnikẹ́ni kó to ojú ìwé rẹ̀. Ta ni kí n gbé e fún?

ỌmọMushin

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ńláńlá gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹni tó gbọ́ èdè, tí ojú rẹ̀ sì mú, ni ẹ nílò. Kó jókòó, kó máa kà á sókè, kí ẹlòmíràn máa fojú bá a lọ lórí bébà. Bí a ṣe ṣe ti ìwé ewì mi nìyẹn, a sì rí ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ojú èmi tí mo kọ ọ́ ti fò. Inú Word níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e fún atẹ̀wé. Ó tán.

Dípọ̀_Súrùlérè

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu. Ìwé ìrántí bàbá wa ni à ń ṣe, ojú ìwé 40, fọ́tò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ayẹyẹ tó wáyé. Ṣé ẹni tó ń ka púrúùfù nìkan kò tó fún irú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má wá olótùú, pé àwa ọmọ la mọ ìtàn bàbá wa.

Olótùú_Yábàá

Ẹ káàárọ̀ ma. Iṣẹ́ olótùú ni mo fi ń jẹun ní Yábàá níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣe é.

Kì í ṣe pé ojú ẹnì kan mú ju ti ẹnì kejì lọ. Ìgbà tí oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ ló yàtọ̀, àti ohun tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn. Olótùú ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwé ṣì jẹ́ àfọwọ́kọ, tí gbólóhùn ṣì ṣeé tún kọ, tí ìpínrọ̀ ṣì ṣeé gbé láti ibì kan sí ibòmíràn láìba nǹkan jẹ́. Ojú ìwé tí wọ́n ti tò tán, bí òǹkàwé ṣe máa bá a gẹ́lẹ́, pẹ̀lú nọ́ḿbà ojú ìwé àti àkọlé lórí rẹ̀, ìyẹn là ń pè ní púrúùfù. Ìwé yín ṣì wà nínú Word. Púrúùfù wo wá ni ẹni yẹn fẹ́ kà?

Ohun tó fẹ́ ṣe fún yín lọ́sẹ̀ kan ni kó fi àmì ohùn sí ibi tó yẹ, kó tún kọ́mà ṣe, kó mú àwọn lẹ́tà tó sọnù bọ̀ sípò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan nípa ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 kún fún ohun tí ó yẹ kí ẹnì kan bi yín.

Bí kò bá ní tú àṣírí ìtàn yín, ẹ fi ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ síbí bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an, kí a jọ wò ó.

Bọ̀dá Dípọ̀, tiyín yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan nínú ẹbí jókòó ti orúkọ àti ọdún tó wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tí yóò to ojú ìwé, nítorí àjèjì kò lè mọ̀ pé ẹni tí ẹ pè ní àbúrò bàbá yín kọ́ ló wà nínú fọ́tò. Nígbà tí wọ́n bá tò ó tán, kí ẹlòmíràn tún fọwọ́ tọ fọ́tò àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ ara wọn nìyẹn.

Àdùkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ìpínrọ̀ tó ṣí orí kejì rèé, n kò yí ohunkóhun níbẹ̀:

"Ní ọdún 1971, Ṣadé wọ bọ́ọ̀sì ní Ìdúmọ̀tà, ó ń lọ sí Yaba. Ó san náírà kan fún kọ̀ńdọ́, nwọ́n sì gba orí afárá Tọ́ọ̀dù Méńláǹdì. Ìyá rẹ̀, Alhaja Sifáù, ti sọ fún un wípé kó má pẹ́ nítorípé aiyé ti bàjẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, ó bọ́ sílẹ̀ ní apá ọ̀tún títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré."

Olótùú_Yábàá

Ẹ ṣeun ma. Ìpínrọ̀ náà dùn, ó sì ń rìn. Ẹ wo bí èmi yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ máa ń ka orí náà tán láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni màá ṣí Track Changes nínú Word kí gbogbo ohun tí mo bá yí lè hàn sí yín, kí ẹ lè gbà á tàbí kí ẹ kọ̀ ọ́. Ohun tó jẹ́ ti àkọtọ́ ni mo máa ń tún ṣe láìbèèrè. "Nwọ́n" àti "aiyé" jẹ́ ti ìgbà tí a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí lo àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, nítorí náà wọn yóò di "wọ́n" àti "ayé". "Sọ fún un wípé" yóò di "sọ fún un pé", nítorí "sọ" àti "wí" ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀. "Nítorípé" yóò di "nítorí pé". "Yaba" yóò di "Yábàá", kó lè bá Ìdúmọ̀tà tí ẹ ti fi àmì sí mu.

Àwọn ìpinnu yìí kò ní wà nínú orí mi lásán. Mo máa ń ya bébà kan sọ́tọ̀ fún ìwé kọ̀ọ̀kan, tí mò ń kọ wọ́n sí bí mo ṣe ń ṣe wọ́n: "Yábàá", kì í ṣe "Yaba"; "nítorí pé" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì; "Sífáwù" tàbí "Sifáù", kí òǹkọ̀wé mú ọ̀kan. Bí mo bá dé orí kẹtàlá, bébà yẹn ni yóò sọ fún mi ohun tí mo ṣe ní orí kejì. Òun náà ni ẹ ó fún ẹni tí yóò ka púrúùfù lẹ́yìn náà, kó má baà tún gbogbo rẹ̀ yí padà sí ìfẹ́ inú tirẹ̀.

Èyí tó kù, n kò gbọdọ̀ tún un ṣe fúnra mi. Ìbéèrè ni mo máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Mo rí mẹ́rin níbí.

Náírà kò tíì sí ní 1971. 1 oṣù kìíní 1973 ló gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè. Kí ni Ṣadé san? Ṣé sísì ni, àbí tọ́rọ́? Mo lè dá a lábàá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ iye tó wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn.

Afárá Tọ́ọ̀dù Méńláǹdì kò sí nígbà náà. 1990 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ní Ìdúmọ̀tà lọ sí Yábàá ní 1971, afárá Kátà ló máa gbà bọ́ sí Ìdó, kó tó gba Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lọ.

Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di 2 oṣù kẹrin 1972. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró lẹ́bàá títì ní 1971, apá òsì ni èrò yóò bọ́ sí. Ṣé ẹ fẹ́ kó bọ́ sí àárín títì ni?

Èyí tó gbẹ̀yìn: ẹ pe ìyá rẹ̀ ní Alhaja. Ṣé ó ti lọ sí Mẹ́kà ní 1971?

Àdùkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó

Haa! Orí keje ló lọ sí Mẹ́kà, ní 1976. Gbogbo ìran tó wà ní orí keje dá lórí bí wọ́n ṣe lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó ti lé ní ẹni márùn-ún tó ti ka ìwé yìí fún mi, kò sẹ́ni tó rí i.

Olótùú_Yábàá

Wọ́n ń gbádùn ìtàn ni ma, bó sì ṣe yẹ kí òǹkàwé ṣe nìyẹn. Olótùú ń kà á pẹ̀lú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọ ọjọ́ orí oníkálukú sí, ọdún tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè tán lọ́sẹ̀ kan. Lórí ìwé Yorùbá tó ní ìtàn ìlú nínú báyìí, bí ojú ìwé márùn-ún tàbí mẹ́fà ni mò ń rí ṣe ní wákàtí kan.

Ẹ tún wo bí ohun méjèèjì ṣe so mọ́ra. Bí ẹ bá rí Alhaja yẹn nígbà tí ìwé ṣì wà nínú Word, ẹ ó wá gbogbo ibi tó wà ṣáájú orí keje, ẹ ó yí i sí "Ìyá Ṣadé" tàbí "Sífáwù", ó parí. Bí ó bá jẹ́ lórí púrúùfù lẹ ti rí i, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó gùn sí i tàbí tó kúrú yóò ti ìlà tó tẹ̀ lé e, ìlà yóò ti ojú ìwé.

Ìyáàfin_Akọ́mọlédè

Ẹ kú àlàyé, Olótùú. Mo ní àfikún kan lórí owó yẹn, nítorí mo ti rí olótùú tó fi ìtara ba iṣẹ́ jẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ "kọ́bọ̀" nínú ìtàn 1971, kí ẹnikẹ́ni má yára pa á rẹ́. Àwọn òbí wa ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó fi orúkọ náà sára owó tuntun. Náírà ni kò bá ìgbà náà mu, kọ́bọ̀ bá a mu.

Ohun kejì ni pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ní àmì ohùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá ń fi sí ibì kan, tí a ń fò ó ní ibòmíràn, ọmọ ilé ìwé kò ní lè lò ó.

Olótùú_Yábàá

Ẹ ṣeun ma, òótọ́ ni ti kọ́bọ̀. Ìdí gan-an tó fi yẹ kí á béèrè nìyẹn, kí á má kàn pa á rẹ́.

Lórí àmì ohùn, n kò bá yín jà, àmọ́ n kò ní fi dandan lé e. Àwọn ìwé ìtàn kan wà tó jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè rújú nìkan ni wọ́n ń fi àmì sí, bí ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Kí òǹkọ̀wé pinnu rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a kọ ọ́ sórí bébà ìpinnu. Kíkà tó yí ìpinnu yẹn padà ní ìdajì ọ̀nà ló ń ba ìwé jẹ́.

Ìyáàfin_Akọ́mọlédè

A kò ní fohùn ṣọ̀kan lórí ìyẹn, ọmọ mi. Kí Àdùkẹ́ gbọ́ tẹnu àwa méjèèjì.

ỌmọMushin

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé ti ọdún àti ti Mẹ́kà yẹn kì í ṣe ohun tí kíkà sókè lè mú jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnì kan náà kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì? Kó ṣe olótùú lónìí, kó ka púrúùfù lọ́la. Ó máa dín owó Àǹtí kù.

Olótùú_Yábàá

Ó lè ṣe é, àwọn ilé ìtẹ̀wé kékeré kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí owó. Èmi kì í gbà á bí mo bá lè yẹra fún un. Ẹni tó ti ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbólóhùn rẹ̀ sórí, ohun tó mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí ó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí àárín, kó sì kà á lórí bébà dípò ojú kọ̀ǹpútà.

Atòwé_Agége

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń to ojú ìwé sọ tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí olótùú bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, púrúùfù kò nílò ojú mọ́. Iṣẹ́ tí à ń ṣe láàárín méjèèjì máa ń dá àṣìṣe tuntun sílẹ̀, èyí tí kò sí nínú Word rárá.

Ìpínrọ̀ tí Àǹtí Àdùkẹ́ fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ti tún un ṣe tán, tó wá dé ọwọ́ mi. Bí mo bá gbàgbé láti pa ètò tó ń gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà, tàbí tí mo fi í sórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, yóò gé "agbára" sí "ag-" ní ìlà kan, kó kọ "bára" sí ìlà kejì. Lẹ́tà kan ni "gb" lédè wa, kò yẹ kó pín. Kò sí bí olótùú ṣe lè rí ìyẹn, nítorí ìlà yẹn kò tíì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Fọ́ọ̀ntì ni wàhálà kejì. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ntì aláràbarà tí wọ́n ń lò fún àkọlé orí kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà yóò lọ yá lẹ́tà yẹn láti inú fọ́ọ̀ntì mìíràn, ẹ ó sì rí i pé lẹ́tà kan nínú àkọlé tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Nígbà mìíràn àmì ohùn yóò kúrò lórí lẹ́tà, yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo gba ipò rẹ̀. Bí àkọlé bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, àmì orí Ẹ́ lè wọnú ìlà òkè.

Ẹkẹta, kí ẹ sọ fún olótùú yín kó wo èyí kó tó fi fáìlì sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà tẹ ọ kò dọ́gba. Lójú, wọ́n jọra. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè jẹ́:

```
ọ    U+1ECD
ọ    U+006F U+0323
o̩    U+006F U+0329
```

Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà kọ ìdajì ìwé, tí ẹ fi fóònù kọ ìdajì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti po wọ́n pọ̀. Ẹ ó fi Find wá "Ìdúmọ̀tà" kí ẹ lè yí i padà níbi gbogbo, kọ̀ǹpútà yóò mú apá kan, yóò fi apá kan sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà náà nínú Word, kí ẹ tẹ Alt+X: yóò fi nọ́ḿbà rẹ̀ hàn. Ẹ tẹ Ctrl+Z, lẹ́tà yóò padà. Kí gbogbo ìwé jẹ́ oríṣi kan. Èmi a máa yan èyí tó wà lókè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e.

Onítẹ̀wéṢómólú

Ẹ kú ọgbọ́n. Èmi ni ìwé ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, èmi ni wọ́n sì ń bínú sí.

Lórí ẹ̀rọ tiwa, ojú ìwé 16 ni bébà ńlá kan ń fún wa lẹ́yìn tí a bá ká a. Ìwé ojú ìwé 192 jẹ́ méjìlá irú rẹ̀ gééré. Bí oníbàárà bá rántí gbólóhùn mẹ́ta tó fẹ́ fi kún un lórí púrúùfù, tí ọ̀rọ̀ tàn kọjá dé ojú ìwé 193, a ní láti fi bébà mìíràn kún un nítorí ojú ìwé kan. Ẹ̀yìn ìwé yóò nípọn díẹ̀ sí i, èèpo tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ yóò sì nílò àtúnṣe. Bí a bá ti ṣe pléètì tí ẹ̀rọ fi ń tẹ ìwé tán kí àṣìṣe tó jáde, pléètì mìíràn ni, oníwèé ni yóò sì san án.

Nítorí náà, lójú tèmi, púrúùfù ni kí ẹ fi owó yín sí. Mo ti tẹ ìwé tí olótùú ńlá ṣiṣẹ́ lé lórí, tí àtòjọ orí rẹ̀ ní orí kẹjọ wà ní ojú ìwé 87, tó sì jẹ́ 89 ló wà. Kò sẹ́ni tó fi ìka tọ̀ ọ́.

Olótùú_Yábàá

Alàgbà, mo gbọ́ yín, ohun tí ẹ rí sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí owó ẹnì kan ṣoṣo bá wà, èmi yóò sọ pé kó lọ sọ́dọ̀ olótùú. Àtòjọ orí àti ojú ìwé, ẹni tó bá ní sùúrù lè fi ìka tọ̀ ọ́, ó kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wá. Náírà ní 1971 kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n ỌmọMushin ti wúlò nìyí, lórí PDF tí wọ́n ti tò, kì í ṣe nínú Word. Kí ẹnì kan di àfọwọ́kọ tí olótùú fọwọ́ sí kẹ́yìn mú, kó máa kà á sókè pẹ̀lú kọ́mà àti ìdúró rẹ̀. Kí ẹnì kejì di púrúùfù mú, kó máa fi rúlà bọ́ sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni wọn yóò fi mọ̀ bí ìpínrọ̀ kan bá sọnù nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ inú ètò títo ìwé, ohun tí ẹni tó ń ka púrúùfù nìkan láìní àfọwọ́kọ lọ́wọ́ kò lè mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tún un gbà láìka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rárá: kí wọ́n wo nọ́ḿbà ojú ìwé, àkọlé tó wà lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bóyá ti orí tó kọjá ló ṣì wà níbẹ̀, àti ìlà kan ṣoṣo tó dá wà lókè ojú ìwé. Lẹ́yìn náà, àtòjọ orí. Ẹ má ṣe é pọ̀ mọ́ kíkà, ẹ ó gbàgbé.

Onítẹ̀wéṢómólú

Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, n kò ní jà. Àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ni mo rí.

Àdùkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó

Ó ti yé mi, olótùú ni mo ń lọ bá. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ẹnì kejì yẹn, tó pe ara rẹ̀ ní olótùú, mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́? Èkejì, àwọn ènìyàn inú ìwé mi ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ wọ́n di olùkọ́ èdè.

Olótùú_Yábàá

Ẹ fún un ní ojú ìwé mẹ́ta sí mẹ́rin kó ṣe fún yín wò kí ẹ tó jọ dúnàádúrà, kí ẹ sì san nǹkan fún un lórí rẹ̀ bó bá béèrè. Ẹ mú ibi tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé nǹkan kan takora níbẹ̀. Ìpínrọ̀ òkè yìí dára fún un, bó bá jẹ́ pé kò tíì ka ìjíròrò wa. Nígbà tó bá dá a padà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé. Bí kò bá sí ìbéèrè kankan níbẹ̀, tó jẹ́ àmì ohùn àti kọ́mà nìkan ló tún ṣe, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ó fẹ́ gba owó oṣù kan lé lórí. Bí ó bá sì tún gbogbo gbólóhùn yín kọ tó fi dàbí pé òun ló kọ ìwé náà, ìyẹn náà kò dára. Ẹ béèrè bóyá yóò fún yín ní bébà ìpinnu yẹn nígbà tí iṣẹ́ bá parí, àti iye ìgbà tí yóò padà wo ìdáhùn yín sí àwọn ìbéèrè rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn yín, èmi yóò fi í sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, màá sì lo àkọtọ́ gbogbogbò nínú èyí tí asọ̀tàn ń sọ. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan kàn máa sọ̀rọ̀ bákan náà láti orí kìíní dé ìparí.

Ìyáàfin_Akọ́mọlédè

Èmi kò fara mọ́ ọn pátápátá. Sípẹ́lì ẹ̀ka èdè kò ní òfin, ẹni mẹ́ta yóò kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ta ni yóò sọ èyí tó tọ́ fún ẹni tó ń ka púrúùfù?

Olótùú_Yábàá

Ìbéèrè gidi ni ma. Ohun tí mo ń ṣe ni kí n mú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè bẹ́ẹ̀ jáde, kí n tò ó sórí bébà, kí n jẹ́ kí òǹkọ̀wé àti àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí sípẹ́lì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò yanjú gbogbo rẹ̀, mo mọ̀.

Àdùkẹ́_Ìsàlẹ̀Èkó

Ìyá mi àgbà ṣì wà ní Kámpọ́ọ̀sì, èmi yóò kà á sí wọn létí. Alàgbà onítẹ̀wé, bí a bá tún púrúùfù ṣe tán, ṣé kí n tún ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó fọwọ́ sí i?

Onítẹ̀wéṢómólú

Kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ẹ gba PDF tuntun lọ́wọ́ ẹni tó tò ó, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ tí ẹ fi bírò pupa sàmì sí. Ẹ wo ibi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ìpínrọ̀ náà dé ìparí rẹ̀, nítorí ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣe lè pa èyí tó tẹ̀ lé e rẹ́. Ẹ wo ìlà tó parí ojú ìwé náà àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, bóyá wọ́n ṣì wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti yẹ̀, ẹ tún àtòjọ orí wò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ yín sí i, kí ẹ gbé èyí tí ẹ fọwọ́ sí wá fún mi lórí bébà. Òun ni màá fi ṣe pléètì.